Bí a ṣe ń ka ìbàjẹ́ ọkọ̀ láti inú fọ́tò ìjàǹbá, ká tó kọ ìjábọ̀ fún adójútòfò

Fọ́tò ni iṣẹ́ yìí sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ọkọ̀ á ti wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, onímọ́tò á fi fọ́tò bíi mélòó kan ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, iléeṣẹ́ adójútòfò á sì ní kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ó yẹ kí ẹnì kan lọ wo ọkọ̀ náà lójúkojú. Bí ẹ ó ṣe wo irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, tí ìjábọ̀ yín kò fi ní yẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú bọ́ńpà, ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí. Ohun mẹ́ta kò gbọdọ̀ dàpọ̀ mọ́ra wọn: ohun tí ojú rí nínú fọ́tò, ohun tí a fura sí pé ó wà lẹ́yìn rẹ̀, àti ohun tí kò bá ìjàǹbá náà tan rárá.

Ẹ jẹ́ ká fi ọkọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Tòyótà Kòrólà ọdún 2010 ni, aláwọ̀ fàdákà, tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá. Onímọ́tò sọ pé nítòsí Ọ̀jọ̀dú Bẹ́gà ní Èkó, Háílọ́ọ̀sì tó wà níwájú òun tẹ bíréèkì lójijì. Òun náà tẹ bíréèkì, ṣùgbọ́n igun òsì iwájú ọkọ̀ òun ti kọ lu ìdí Háílọ́ọ̀sì náà kó tó dúró. Adójútòfò kíkún ló ra, ìdí nìyẹn tó fi lè béèrè owó àtúnṣe ọkọ̀ tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ẹni kẹta nìkan ló ní, èyí tí wọ́n ń san ₦15,000 fún lórí ọkọ̀ àdáni láti oṣù kìíní ọdún 2023, kò sí kọ́bọ̀ fún Kòrólà rẹ̀; ohun ìní ẹni tó kọ lù ni wọ́n máa tún ṣe, kò sì ní ju mílíọ̀nù mẹ́ta náírà lọ. Ẹ wo ìwé adójútòfò rẹ̀ kí ẹ tó ṣí fọ́tò àkọ́kọ́.

1. Ẹ gba fọ́tò tó ṣe é kà

Onímọ́tò tí àyà rẹ̀ ń já kì í ya ju ibi tó fọ́ lọ. Fọ́tò ibi tó fọ́ nìkan kò tó. Ẹ ní kó dúró sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀, kó ya odindi ọkọ̀ láti igun kọ̀ọ̀kan kí ẹ̀gbẹ́ méjì lè hàn nínú fọ́tò kan. Kó ya ẹ̀gbẹ́ òsì àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ní ìdojúkọ, kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí kámẹ́rà wà ní ìwọ̀n gíga táyà. Lẹ́yìn náà ni kó ya ibi tó fọ́: àkọ́kọ́ láti bíi mítà méjì, kí a lè mọ ibi tó wà lára ọkọ̀, kó tó wá sún mọ́ ọn. Kó fi nọ́ńbà ọkọ̀, nọ́ńbà ṣáṣí, ilẹ̀ abẹ́ iwájú ọkọ̀ àti ọkọ̀ kejì kún un, bó bá ṣì rí i.

Ẹ kìlọ̀ fún un pé kó má lo 0.5x lórí fóònù. Ó máa ń fẹ etí fọ́tò jù, á sì dà bíi pé fẹ́ńdà tó gún régé ti tẹ̀. Fọ́tò tí a bá fi ránṣẹ́ lọ́nà tí gbogbo ènìyàn ń gbà lórí Wásáàpù máa ń pàdánù ọjọ́ àti ibi tí fóònù kọ sínú rẹ̀. Ẹ ní kó fi ránṣẹ́ bí ìwé, ìyẹn ni kó tẹ “Document” dípò “Gallery”, nígbà náà ni ọjọ́ tí wọ́n yà á yóò ṣì wà níbẹ̀ fún yín láti yẹ̀ wò.

2. Ẹ mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú ìjábọ̀ tí mo máa ń rí nìyí. Òsì ọkọ̀ ni òsì ẹni tó jókòó sórí àga awakọ̀ tó kọjú síwájú. Ní Nàìjíríà, apá òsì náà ni awakọ̀ ń jókòó sí. Ṣùgbọ́n bí a bá ya ọkọ̀ láti iwájú, òsì ọkọ̀ ni yóò bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún fọ́tò. Ẹni tó bá ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí láìrò ó á kọ “iná iwájú ọ̀tún”, wọ́n á sì fọwọ́ sí iná tí kò fọ́. Ibi tí sítíárìn wà ni kí ẹ máa wò kí ẹ tó kọ òsì tàbí ọ̀tún. Bí lẹ́tà inú nọ́ńbà ọkọ̀ bá kọ ẹ̀yìn sí yín, kámẹ́rà iwájú fóònù ni wọ́n fi yà á, fọ́tò náà ti yí padà. Ẹ béèrè òmíràn.

3. Ẹ tọ ipa agbára náà láti ibi tó ti wọlé

Ẹ má kọ́kọ́ wo ibi tó burú jù. Ẹ wá ibi tí nǹkan ti kọ́kọ́ kan ọkọ̀, kí ẹ wá máa tẹ̀ lé e wọnú lọ. Lára Kòrólà wa, igun òsì bọ́ńpà là lápá òkè. Lẹ́yìn rẹ̀, gíláàsì iná iwájú òsì fọ́, ara iná náà sì ti sún wọlé. Etí iwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì ká sókè lápá òsì. Fẹ́ńdà òsì tẹ̀ lókè iná, gbogbo rẹ̀ sì sún sẹ́yìn díẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí wà lórí ìlà kan tó ń lọ láti iwájú sí ẹ̀yìn, ó sì bá ohun tí onímọ́tò sọ mu.

Àlàfo tó wà láàárín irin méjì ló máa ń sọ bí agbára náà ṣe lọ jìnnà tó. Ẹ wo àlàfo láàárín fẹ́ńdà àti ilẹ̀kùn awakọ̀. Lápá ọ̀tún, àlàfo náà dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lápá òsì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé lókè, ó sì ṣí nísàlẹ̀. Èyí fi hàn pé apá òkè fẹ́ńdà ni agbára náà gbà. Bóòtù ni wọ́n fi de fẹ́ńdà mọ́ra, ó lè jẹ́ òun nìkan ló sún. Ó sì lè jẹ́ irin tí wọ́n dè é mọ́ ló tẹ̀. Fọ́tò kò lè yanjú ìyẹn. Ẹ kọ àlàfo tí ẹ rí, kí ẹ kọ pé kí wọ́n yẹ irin abẹ́ rẹ̀ wò.

Ẹ ṣe bákan náà fún táyà iwájú. Ẹ wo àyè tó wà níwájú táyà òsì àti lẹ́yìn rẹ̀ nínú ihò fẹ́ńdà, kí ẹ wá fi wé ti ọ̀tún nínú fọ́tò tí wọ́n yà ní ìdojúkọ. Bí táyà bá ti sún sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí fẹ́ńdà àti bọ́ńpà nìyẹn. Nínú àpẹẹrẹ wa, àyè méjèèjì bára mu.

Ohun kan máa ń tan ni jẹ lára ọkọ̀ aláwọ̀ fàdákà: òjìji. Òjìji igi tàbí ti ògiri lè dà bí ibi tó tẹ̀. Ẹ wo ibi kan náà nínú fọ́tò méjì tí wọ́n yà láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Òjìji á kúrò níbi tó wà, ibi tó tẹ̀ kò ní kúrò. Bí ohun gígùn kan bíi òpó iná bá hàn lára irin bíi ti inú dígí, tí ìlà rẹ̀ wá wọ́ lójijì níbì kan, irin náà tẹ̀ níbẹ̀.

4. Ẹ wọn gíga rẹ̀, kí ẹ fi táyà ṣe rúlà

Ibí ni mo fẹ́ ká ti fara balẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe é, bẹ́ẹ̀ òun ló ń jẹ́ ká mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n ní ó kọ lu ọkọ̀ lè kọ lù ú níbi tó ti fọ́.

Wọ́n kọ nọ́ńbà sára táyà. Ti Kòrólà yìí jẹ́ 195/65R15. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìbú táyà ní mílímítà. Èkejì sọ pé ẹ̀gbẹ́ táyà ga tó ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún ìbú náà, ìyẹn mílímítà 127 ó dín díẹ̀. Ẹ̀kẹta ni bí rímù ṣe ga tó láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní íńṣì, 15, tó jẹ́ mílímítà 381. Bí ẹ bá ro rímù pọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà lókè àti nísàlẹ̀, ẹ ó ní bíi mílímítà 634, ìyẹn sẹ̀ńtímítà 63. Rúlà yín nìyẹn, ó ti wà nínú fọ́tò.

Ẹ ṣí fọ́tò ẹ̀gbẹ́ òsì lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi rúlà lásán wọn gíga táyà lójú kọ̀ǹpútà. Ká ní ó jẹ́ mílímítà 42. Sẹ̀ńtímítà 63 pín sí 42 jẹ́ 1.5, nítorí náà mílímítà kan lójú kọ̀ǹpútà dúró fún sẹ̀ńtímítà kan àti ààbọ̀ lára ọkọ̀. Láti ilẹ̀ dé ibi tí bọ́ńpà ti bẹ̀rẹ̀ sí í là jẹ́ mílímítà 38: sẹ̀ńtímítà 57. Láti ilẹ̀ dé ibi tí bọ́nẹ́ẹ̀tì ká sí jẹ́ mílímítà 49: sẹ̀ńtímítà 73 àti ààbọ̀.

Ẹ ṣe bákan náà fún Háílọ́ọ̀sì. Táyà rẹ̀ jẹ́ 265/65R17, gíga rẹ̀ á tó sẹ̀ńtímítà 78. Bó bá jẹ́ mílímítà 39 lójú kọ̀ǹpútà, mílímítà kan jẹ́ sẹ̀ńtímítà méjì. Ìsàlẹ̀ bọ́ńpà ẹ̀yìn rẹ̀ wà ní mílímítà 27, òkè rẹ̀ sì wà ní 35, ìyẹn sẹ̀ńtímítà 54 sí 70.

Ara Kòrólà fọ́ láti 57 dé 73, bọ́ńpà Háílọ́ọ̀sì sì wà láti 54 dé 70. Ìyàtọ̀ sẹ̀ńtímítà mẹ́ta yìí kì í ṣe àléébù. Ọkọ̀ tó bá ń tẹ bíréèkì máa ń tẹ imú rẹ̀ bolẹ̀, torí náà ibi tí wọ́n ti kọ lu ara wọn á ga díẹ̀ lára rẹ̀ nígbà tó bá dúró jẹ́ẹ́ tí a wá ń wọ̀n ọ́n. Bó bá jẹ́ pé bọ́ńpà Kòrólà ló fọ́ nísàlẹ̀, tí iná àti bọ́nẹ́ẹ̀tì kò sì ní nǹkan kan, ìyẹn ni kò ní bá ìtàn náà mu.

Ìdí tí iná àti bọ́nẹ́ẹ̀tì fi fara gbá a ju ìsàlẹ̀ bọ́ńpà lọ náà wà. Òfin Amẹ́ríkà ní kí bọ́ńpà ọkọ̀ kékeré lè gba ìkọlù láàárín íńṣì 16 sí 20 láti ilẹ̀, ìyẹn bíi sẹ̀ńtímítà 41 sí 51; òfin náà kò de ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, irú Háílọ́ọ̀sì. Irin tó yẹ kó gba ìkọlù nínú bọ́ńpà Kòrólà wà nísàlẹ̀, bọ́ńpà Háílọ́ọ̀sì sì gba orí rẹ̀ kọjá lọ bá iná àti bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé ìsàlẹ̀ bọ́ńpà kò ní nǹkan kan nígbà tí bọ́nẹ́ẹ̀tì ti ká, ẹ má tètè pe onímọ́tò ní opurọ́.

Ìwọ̀n yìí ní ààlà o. Ibi tí ẹ fẹ́ wọ̀n gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ìjìnnà kan náà pẹ̀lú táyà sí kámẹ́rà, fọ́tò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìdojúkọ. Ìwúwo ọkọ̀ náà máa ń tẹ táyà kúrú díẹ̀. Ẹ máa kọ “bíi” síwájú iye tí ẹ bá rí, kí ẹ má sì fi ìyàtọ̀ tí kò tó sẹ̀ńtímítà márùn-ún dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

5. Ẹ ya ti àtijọ́ sọ́tọ̀

Lára Kòrólà yìí kan náà, ibì kan là lábẹ́ bọ́ńpà lápá ọ̀tún, bíi sẹ̀ńtímítà 21 sí ilẹ̀. Kò sí ohun tó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn Háílọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá sì sún fọ́tò náà mọ́ra, ẹrẹ̀ gbígbẹ ti wọ inú ibi tó là, etí rẹ̀ ti dọ̀tí. Ibi tó là tuntun lápá òsì mọ́ nínú, etí rẹ̀ mú, àwọ̀ ike sì hàn ketekete. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gọ́tà tàbí òkúta ló fa ti ọ̀tún.

Ìpẹtà máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Irin tí pẹ́ńtì ti bó lára rẹ̀ lè yọ ìpẹtà fẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ọsàn láàárín ọjọ́ díẹ̀ bí òjò bá pa á, nítorí náà ìpẹtà fẹ́ẹ́rẹ́ nìkan kò fi hàn pé ó ti pẹ́. Èyí tó ti pẹ́ máa ń dúdú, pẹ́ńtì etí rẹ̀ á sì ti wú bíi ìléròrò. Bí pẹ́ńtì bá ṣí bíi èèpo, tí ohun funfun tàbí aláwọ̀ eérú tó nípọn wà lábẹ́ rẹ̀, pọ́tì ni: wọ́n ti tún ibẹ̀ ṣe rí. Ìyẹn kò sọ pé kò tún fọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ kọ méjèèjì.

6. Ohun tí fọ́tò kò lè fi hàn

Ike ni bọ́ńpà tí a ń rí. Ó lè tẹ̀ wọlé kó sì padà sí ipò rẹ̀, kí irin ẹ̀yìn rẹ̀ ti ká. Rédíétọ̀ àti rédíétọ̀ ẹ́sì tó wà níwájú rẹ̀ kì í jìnnà sí ibẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí wọ́n ya ilẹ̀. Omi tó mọ́ gaara tó ń kán lábẹ́ ibi ẹsẹ̀ èrò iwájú sábà máa ń jẹ́ ti ẹ́sì, kì í ṣe ìbàjẹ́. Omi aláwọ̀ róòsì tàbí ewé lábẹ́ imú ọkọ̀ ń tọ́ka sí rédíétọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn níbí omi lásán ni wọ́n ń bù sí i, nítorí náà àwọ̀ nìkan kò tó ẹ̀rí. Bí ẹ bá rí omi níwájú, ẹ ní kí onímọ́tò má ṣe tan ọkọ̀ náà.

Éábáàgì tí kò jáde kò fi hàn pé kò sí ìṣòro, pàápàá lára tòkunbọ̀ tó ṣeé ṣe kó ti ní ìjàǹbá kó tó dé. Bí kò bá sí ohun tó ń jò, ẹ béèrè fídíò dáṣíbọọ̀dù láti ìgbà tó bá ti yí kọ́kọ́rọ́ títí di bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Iná éábáàgì gbọ́dọ̀ tàn kó sì kú. Bí kò bá kú, tàbí tí kò tilẹ̀ tàn rárá, ẹ kọ ọ́ pé kí onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Fọ́tò kan ṣoṣo kò lè sọ ìyàtọ̀ àárín iná tó kú àti iná tí kò tàn rí.

7. Ẹ kọ ọ́

Ẹ fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí gbogbo ìlà inú ìjábọ̀ tọ́ka sí fọ́tò tirẹ̀. Ẹ má kọ ẹni tó jẹ̀bi. Ti Kòrólà wa á lọ báyìí:

*Ohun tí a rí.* Bọ́ńpà iwájú, igun òsì: ó là lókè, ibi ìdè rẹ̀ já (fọ́tò 2, 5). Pààrọ̀.
Iná iwájú òsì: gíláàsì fọ́, ara rẹ̀ sún wọlé (fọ́tò 5). Pààrọ̀.
Bọ́nẹ́ẹ̀tì: etí iwájú ká lápá òsì (fọ́tò 2, 6). Pánẹ́ẹ̀lì bítà lè nà án bí irin abẹ́ rẹ̀ kò bá tíì ṣẹ́. Ká yẹ̀ ẹ́ wò.
Fẹ́ńdà òsì: ó tẹ̀ lókè iná, ó sún sẹ́yìn, àlàfo rẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀kùn ti pa dé lókè (fọ́tò 3, 7). Pààrọ̀.

*Ohun tí a fura sí, tí a kò rí.* Irin inú bọ́ńpà, férémù tó gbé rédíétọ̀ dúró, rédíétọ̀ méjèèjì, irin tí fẹ́ńdà òsì dè mọ́. Ká wò wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá tú bọ́ńpà.

*Ohun tí kò bá ìjàǹbá yìí tan.* Ibi tó là lábẹ́ bọ́ńpà lápá ọ̀tún, bíi sẹ̀ńtímítà 21 sí ilẹ̀, ẹrẹ̀ gbígbẹ wà nínú rẹ̀ (fọ́tò 4).

*Ìbámu.* Gíga àti ìhà ibi tó fọ́ bá ìkọlù pẹ̀lú ẹ̀yìn Háílọ́ọ̀sì inú fọ́tò 9 mu.

Ẹ kíyè sí i pé bọ́ńpà kan náà wọ ìlà méjì. Pípààrọ̀ rẹ̀ nítorí igun òsì yóò mú ibi tó là tẹ́lẹ̀ lọ, iléeṣẹ́ adójútòfò ló máa pinnu bóyá wọn yóò yọ nǹkan kúrò nínú owó rẹ̀. Iṣẹ́ tiyín ni kí wọ́n mọ̀.

8. Nígbà tí bílì bá dé

Ká ní bílì pánẹ́ẹ̀lì bítà ní iná iwájú méjì, rédíétọ̀ àti fẹ́ńdà ọ̀tún nínú. Ẹ fi í wé ìjábọ̀ yín ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Fẹ́ńdà ọ̀tún hàn gbangba nínú fọ́tò 1, kò ní nǹkan kan, àlàfo rẹ̀ sì dọ́gba: ẹ kọ pé fọ́tò kò ti í lẹ́yìn. Iná ọ̀tún náà bẹ́ẹ̀, àyàfi bí ìdè ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti já. Ẹ béèrè fọ́tò ẹ̀yìn iná náà. Rédíétọ̀ ti wà lára ohun tí ẹ fura sí, ẹ má gbà á, ẹ má sì kọ̀ ọ́.

Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́: “Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, tí ẹ bá tú bọ́ńpà, kí ẹ tó yọ ohunkóhun mìíràn, ẹ bá wa ya iwájú rẹ̀ bó ṣe wà, kí nọ́ńbà ọkọ̀ sì hàn nínú ọ̀kan.” Nọ́ńbà yẹn ṣe pàtàkì, rédíétọ̀ tó fọ́ lórí ilẹ̀ ọgbà mẹkáníìkì lè jẹ́ ti ọkọ̀ èyíkéyìí. Nígbà tí àwọn fọ́tò náà bá dé, ẹ bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà wọn láti 10, kí ẹ kọ àfikún ìjábọ̀ tó ní ọjọ́ tirẹ̀, kí ẹ sì fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà láìpa ohunkóhun rẹ́ nínú rẹ̀.